Owó tí ìyàwó yá ẹbí rẹ̀ láìsọ fún ọkọ: ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń padà

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Lúgbè, ní Àbújá, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A ti fẹ́ra fún ọdún 11, Mùsùlùmí sì ni wá. Owó tí a jọ ń tọ́jú láti fi ra ilẹ̀ wà ní àkáǹtì ìyàwó mi, ó sì ti tó mílíọ̀nù 4.6 náírà. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Nyanya àti ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ kan nínú rẹ̀. Oṣù méje gbáko ló fi ń sọ fún mi pé owó pé. Ó ti bẹ̀ mí, mo sì ti ní mo gbọ́, àmọ́ bí fóònù rẹ̀ bá ti dún báyìí, àyà mi a já. Mo gba káàdì báńkì rẹ̀ sọ́wọ́. Ṣé mo ṣe dáadáa? Kí ni mo lè ṣe kí n tún lè gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, arákùnrin wa. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹ kò sọ iye tí ìyàwó yín yá àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ iye oṣù tó fi tàn yín. Ohun tí mo sábà máa ń rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ti àwọn tọkọtaya ní Àbújá níbí: owó ni wọ́n máa ń gbé síwájú mi, bẹ́ẹ̀ irọ́ tí wọ́n fi ń bo owó náà lójoojúmọ́ gan-an ni egbò. Bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín bá di gbogbo owó náà sínú àpò tó gbé e wá lọ́la, àyà yín yóò ṣì máa já bí fóònù bá dún, nítorí kì í ṣe ẹni tó jẹ owó ni ẹ kò gbà gbọ́ mọ́. Ẹni tó wo ojú yín tó ní "owó pé" ni. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni gbígba gbèsè, ọ̀tọ̀ ni títún ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe. A lè ṣe méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí èkejì máa dúró de èkíní.

Ní ti káàdì, ìdí tí ẹ fi gbà á yé mi, n kò sì ní bá yín wí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹni tí a bá dè lọ́wọ́, kí ni yóò fi hàn wá pé òun kò ní mú nǹkan mọ́? Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí owó kankan kò sọnù, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ìyàwó yín ti yí padà ni àbí ọ̀nà ni kò rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ènìyàn lè fi nọ́ńbà fóònù àti NIN tàbí BVN rẹ̀ ṣí àpò owó mìíràn sórí fóònù nísinsìnyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Káàdì náà kò ṣọ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá a padà lónìí, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo ètò ni pé kí ìyàwó yín ròyìn gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán pátápátá, ní ìjókòó kan ṣoṣo. Mo tẹnu mọ́ "ìjókòó kan" nítorí pé ohun tó ń ba àtúnṣe jẹ́ jù lọ ni òtítọ́ tí ń jáde ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ máa ń rò pé òun ń rọra gbé e fún ọkọ òun ni, kó má baà dùn ún jù. Ṣùgbọ́n bí apá kan bá ti yọjú lẹ́yìn tí a ti ní ọ̀rọ̀ parí, ẹni tí a ṣẹ̀ yóò padà sí ọjọ́ kìíní, ìwọ̀n sùúrù tó ti ní tẹ́lẹ̀ yóò sì dà nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tọkọtaya kan ní Kúbwà, wọ́n fún mi láyè láti sọ ọ́ bí n kò bá ti dárúkọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ, ìyàwó ń ta aṣọ ní ọjà Wúsè. Mílíọ̀nù 5.2 náírà ni wọ́n tọ́jú. Lọ́jọ́ tí àṣírí kọ́kọ́ tú, ìyàwó ní mílíọ̀nù 2 ni òun yá àbúrò òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ rí àlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, iye náà sì di mílíọ̀nù 3.1. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ọkọ sọ fún mi pé, "Màmá, kì í ṣe mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ yẹn ló dùn mí. Bó ṣe búra lójú mi pé kò kù mọ́ ni." Mo ní kí wọ́n padà sílé, kí ìyàwó lo ọjọ́ márùn-ún láti kó ohun gbogbo jọ láìsí ẹni tó ń da ìbéèrè bò ó, kí ó sì lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì, láti oṣù tó ṣáájú ìgbà tó kọ́kọ́ yá wọn lówó títí di òní. Àkọsílẹ̀ báńkì fúnra rẹ̀ ni mo ní kó gbà. Àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù ṣeé pa rẹ́, ti báńkì kò ṣeé pa rẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà wá, a ṣe ìṣirò tó rọrùn gan-an, irú èyí tí èmi yóò fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe. A kọ mílíọ̀nù 5.2 sí òkè ìwé. A yọ mílíọ̀nù 3.1 tí ó yá àbúrò rẹ̀ kúrò. A wo ohun tó kù ní àkáǹtì: mílíọ̀nù 1.45. Méjèèjì pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4.55. Níbo ni 650,000 náírà wà? Ìyàwó mú ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀, èyí tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà aṣọ, ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó sì fi àtàńpàkò bo ìlà kan. Ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Àtàńpàkò yẹn ló ń wò. Ó pẹ́ kí ìyàwó tó gbé e kúrò. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin àti 500,000 náírà. Ó ní ojú ló ń ti òun láti máa ka orúkọ ẹbí òun lọ bẹ́ẹ̀.

150,000 tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè. Nígbà kan tí ọkọ ní òun fẹ́ rí owó náà lójú, ìyàwó sáré lọ yá owó lọ́wọ́ olówó èlé, ó fi kún àkáǹtì kí ó lè pé lójú ọkọ, ó sì san èlé 50,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta kó tó rí owó olówó dá padà. Gbèsè tí a fi bo gbèsè nìyẹn. Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ó lè jẹ́ olówó èlé, ó lè jẹ́ àjọ tí a gbà ṣáájú àkókò, ó sì lè jẹ́ àwọn áàpù ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù ẹni bí ọjọ́ bá ti kọjá. Ẹ béèrè ní tààrà pé: "Ǹjẹ́ o yá owó kankan láti fi bo èyí? Ǹjẹ́ ó ku gbèsè kan lọ́rùn rẹ tí n kò mọ̀?" Bí irú rẹ̀ bá wà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ san, nítorí lójoojúmọ́ ló ń dàgbà.

Lẹ́yìn iye owó, ohun mẹ́ta péré ló kù tí ìròyìn náà gbọ́dọ̀ dáhùn: ìlérí tí àwọn tó yáwó ṣe nípa ìgbà tí wọn yóò san án, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin kò mọ̀, àti irọ́ tí ìyàwó yín pa láti pa á mọ́, kí ó sọ wọ́n lẹ́nu ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìkẹyìn yìí le, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "lọ́jọ́ tí o béèrè lẹ́yìn ọdún Iléyá, mo ti mọ̀ pé kò pé, mo sì ní ó pé", ẹ̀yin yóò gbọ́ pé ó rántí ohun tí ẹ rántí. Ọkàn ẹni tí a purọ́ fún kì í balẹ̀ títí yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé ìrántí náà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ti ṣe ìwádìí nípa ìgbéyàwó fún ọ̀pọ̀ ọdún, John Gottman, pín àtúnṣe lẹ́yìn ìdalẹ̀ sí ìpele mẹ́ta, ó sì fi ètùtù, ìyẹn kí ẹni tó ṣẹ̀ jẹ́wọ́ kó sì gba ẹ̀bi rẹ̀, ṣe ìpele kìíní. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ti èmi náà bá a mu: bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi ọkọ kí ìyàwó tó ròyìn tán, gbogbo rẹ̀ á di àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn tí ìròyìn bá parí, nígbà náà ni kí ẹ béèrè ìdí. Ẹ má ṣe bi í pé "kí ló dé tó o fi ṣe èyí sí mi", nítorí ẹkún nìkan ni ìyẹn máa ń bí. Ẹ bi í pé, "Kí lo rò pé mo máa ṣe ká ní o sọ fún mi?" Kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé ìyá ìyàwó ló ní "má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́", kí ẹbí ìyàwó má baà di ẹni yẹpẹrẹ lójú àna wọn. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ bá fi irú ẹ̀bẹ̀ yẹn sí lọ́rùn wà láàárín òkúta méjì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyàwó á ní "nígbà tí àbúrò mi béèrè 80,000 lọ́jọ́ sí, ọ̀sẹ̀ méjì lo fi ń fi wọ́n bú mi." Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹ gbà á. Kò sọ irọ́ di ohun tó tọ́, ọrùn ìyàwó yín ni irọ́ yẹn wà, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ilẹ̀kùn ti sé, nítorí bí a kò bá ṣí i, ẹ̀bẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹbí yóò tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ní Nyanya, ẹ má sì pe ìyá wọn. Ìyàwó yín ló yá wọn lówó ní ìkọ̀kọ̀, òun náà ni yóò gbé e wá sí gbangba. Bí ẹ̀yin bá lọ, ọ̀rọ̀ náà di ìjà àna pẹ̀lú àna, ìyàwó yín á sì bọ́ sí àárín tí yóò máa bẹ̀ yín bẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín ló yẹ kó dúró sí. Ẹ jọ jókòó, kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú yín, kó sì sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Èyí tí obìnrin Kúbwà yẹn sọ fún àbúrò rẹ̀ wù mí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá yí i sí ti ẹ̀gbọ́n, báyìí ni yóò rí: "Bùọ̀dá mi, owó tí mo yá yín nígbà yẹn, owó èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ni. N kò sọ fún wọn, àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tiyín. Wọ́n ti mọ̀ báyìí. Láti òní, àwa méjèèjì ni ẹ jẹ lówó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bá mi sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbọ́." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ìkọ̀kọ̀ tó wà láàárín ọmọ ìyá méjì ni ó ń gé kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé áyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, áyà 282 nínú Súrátù Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ló dá lé, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín kò lè ní ẹ kan òun lábùkù. Ojú ewé kan ti tó: iye tí ẹ yá wọn, iye tí wọ́n ti san, iye tí wọn yóò máa san lóṣù, ọjọ́ tí yóò parí, ìbuwọ́lùwé wọn, ti ẹ̀yin méjèèjì, àti ti ẹlẹ́rìí méjì. Ìwé náà ní àǹfààní lábẹ́ òfin pẹ̀lú. Ní Àbújá, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tó yáni lówó láti pe ẹjọ́ láti ìgbà tí gbèsè ti tó san, bí onígbèsè bá sì buwọ́ lu ìwé pé òun jẹ ẹ́, tàbí tó san díẹ̀ nínú rẹ̀, kíka ọdún náà yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú láti kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ọ̀ràn àdéhùn, àtúnṣe tí ẹ sì ń wá pẹ̀lú ìyàwó yín yóò parí sí tésàn lọ́jọ́ náà.

Iye tí wọ́n máa san lóṣù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí agbára wọ́n ká. 60,000 tó ń wọlé lóṣooṣù sàn ju 300,000 tí a ṣèlérí tí kò wá, nítorí oṣù kọ̀ọ̀kan tí ìlérí bá yẹ̀, ìyàwó yín ni ẹ máa fi ojú ìfura wò. Ti ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí kò ní padà mọ́. Bí ẹ bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ pinnu pé ẹ fi ta á lọ́rẹ, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kó sì tán síbẹ̀. Owó tí a kò retí mọ́, tí a kò sì tíì fi sílẹ̀, òun ló máa ń di ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́ lálẹ́.

Nísinsìnyí, ti àárín ẹ̀yin méjèèjì. Fún oṣù mẹ́fà, ẹ yan ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 20, kí ẹ jọ ṣí àkáǹtì yín, tirẹ̀ àti tiyín. Mo ní tiyín, nítorí bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ìjókòó náà di ti ọlọ́pàá àti ẹlẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin náà bá ń ṣí tiyín, ó di ètò ilé. Ìbéèrè tó bá ń jẹ yín lọ́kàn láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ béèrè rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ má ṣe béèrè rẹ̀ ní òru, ẹ má sì fà á jáde nínú ìjà ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìyàwó yín ní láti dáhùn láìbínú, kódà bí ó bá jẹ́ ìgbà kẹrin tí ẹ béèrè ohun kan náà. Ojúṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ojúṣe tiyín ni pé kí ìbéèrè ní àyè tirẹ̀, kí ọjọ́ mẹ́fà tó kù sì jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ jọ fi iye kan ṣe ààlà, ẹ jẹ́ ká ní 50,000 náírà, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní fi ránṣẹ́ sí ẹbí láìkọ́kọ́ sọ fún èkejì. Ẹ sì ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣù fún ẹbí tiyín àti ti ìyàwó yín, lọ́gbọọgba, kí ẹ̀bẹ̀ ẹbí má ṣe di ohun tí a óò máa sá fún. Ní ti owó ilẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì tí ẹ jọ ni, kí ẹ sọ fún báńkì pé ìbuwọ́lùwé ẹ̀yin méjèèjì ni yóò gba owó jáde, nítorí bí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n lè kọ ọ́ pé ẹnì kan nínú yín ti tó, àkáǹtì náà kò sì ní yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní káàdì, ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ sí báńkì, nítorí náà kò dára fún owó ọbẹ̀. Fún owó ilẹ̀, ìnira yẹn gan-an ni a fẹ́.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ̀ pé ó ń tún ṣe? Ẹ má ṣe wo bóyá ìyàwó yín ń sunkún, ẹ má sì wo bóyá ó ń ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ wo bóyá ó ń sọ fún yín kí ẹ tó béèrè. Ní oṣù kẹrin, obìnrin Kúbwà yẹn dé láti ọjà, kò tíì tú gèlè, ó ní, "Màmá mi pè lónìí. Wọ́n ní kí n fi 150,000 ránṣẹ́, kí n má sọ fún ọ. Mo ní n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé a ó jọ rò ó." 70,000 ni wọ́n jọ fi ránṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ gbọ́ tí fóònù ìyàwó òun dún tí òun kò gbé orí sókè. Bí ó bá jẹ́ pé àkáǹtì mìíràn tí ẹ kò mọ̀ ni ẹ tún rí láàárín oṣù mẹ́fà náà, tàbí àlẹ́ẹ̀tì tí a ń pa rẹ́, tàbí ìpè ẹbí tí a ń sáré jáde lọ gbà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èyí tí ẹ̀yin méjèèjì lè dá yanjú nílé. Ẹ ya owó yín sọ́tọ̀ nígbà náà, kí ẹ sì wá ẹni kẹta tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú yín.

Mo ní mo ń bọ̀ wá sórí káàdì. Ẹ fún ìyàwó yín ní ọjọ́ márùn-ún láti kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ṣe ìṣirò mílíọ̀nù 4.6 náà tí apá méjèèjì bára mu, tí ó sì ti ka gbogbo rẹ̀ fún yín tán, ẹ mú káàdì náà níbi tí ẹ fi pa mọ́ sí, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó dìde níbẹ̀.